Ẹni Tí Kò Ka Ìtàn Kò Gbọdọ̀ Mọ Ìdáhùn

Ìdánwò kékeré kan tún dé ọwọ́ mi láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ́ àwọn àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ìbéèrè kìíní rẹ̀ nìyí: "Kí ni a fi ń ṣe ẹ̀bà? (A) Gàrí (B) Iyanrìn (D) Bàtà." Olùkọ́ ka ìbéèrè sí wọn létí, gbogbo kíláàsì gbà á, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ìyá tó ti ń tẹ ẹ̀bà kí wọ́n tó bí olùkọ́, kí lẹ rò pé yóò mú? Iyanrìn?

Òótọ́ ni pé ohun tó wà láyìíká akẹ́kọ̀ọ́ ló yẹ ká fi ṣe ìdánwò fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn mọ̀ dáadáa a máa gbé ìdáhùn wá kí ojú tó kan ìwé. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jẹ́ ti ọjà, kí ìdáhùn wà nínú ìwé nìkan.

Ẹ wo àjọ. Kò sí ọlọ́jà tí kò mọ̀ pé owó ọjọ́ kan ni alájọ sábà máa ń mú lóṣù. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

Ìyá Bọ́lá ń ta ata.
Ó ń dá àjọ ₦500 lójúmọ́.
Lóṣù yìí, alájọ mú owó ọjọ́ méjì.
Ìyá Bọ́lá fi owó tó kù ra bàtà.

Ìlà mẹ́rin péré. Ẹ tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà, nítorí ojú ẹni tó ti lé lógójì ọdún kì í sábà rí lẹ́tà wínníwínní. Ìbéèrè mẹ́ta tó, kí èyí tó rọrùn jù ṣáájú: kí ni Ìyá Bọ́lá ń tà? Lẹ́yìn náà: "Owó ọjọ́ mélòó ni alájọ mú lóṣù yìí? (A) Ọjọ́ kan (B) Ọjọ́ méjì (D) Ọjọ́ mẹ́ta." Ẹni tó bá mú A, ọjà ló fi dáhùn, kò ka ìlà kẹta.

Ìbéèrè kẹta ni mo fẹ́ràn jù: "Kí ni ó fi owó tó kù rà? (A) Ata (B) Bàtà (D) Báàgì." Ẹni tó mú ata rí ọ̀rọ̀ tó mọ̀ nínú ìtàn, ó sì dúró níbẹ̀. Ẹni tó mú báàgì ka lẹ́tà àkọ́kọ́, ó wá méfò ìyókù. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, oògùn wọn kò sì jọra. Ti àkọ́kọ́, ẹ ní kó fi ìka tọ́ka sí ìlà tó ti rí ìdáhùn; ti èkejì, ẹ padà sórí sílébù, bà-tà, bá-à-gì. Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú sí iyanrìn. Ìdáhùn tí kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ kò sọ ohunkóhun fún olùkọ́.

Ẹ má bi wọ́n pé èló ló kù o. Ìṣirò nìyẹn, ọlọ́jà yóò fi orí ṣe é, ẹ ò sì ní mọ ohun tí ẹ dán wò.

Kí ẹ tó gbé e dé kíláàsì, ẹ bo ìtàn mọ́lẹ̀, kí ẹ fún ọ̀rẹ́ yín tó mọ̀wé ní ìbéèrè nìkan. Bó bá ń méfò, ẹyọ kan nínú mẹ́ta ló yẹ kó máa bọ́ sí i. Bó bá gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fa ìwé náà ya.

Àwọn tó ń polówó pé ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn fi ń kọ́ àgbà ní ìwé kíkà kì í ṣe èyí. Ìdánwò ẹ̀bà ni tiwọn, gbogbo èèyàn a sì yege. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá kọsẹ̀ níta, wọn a ní orí àgbà ló ti le. Irọ́ ni. Obìnrin kan gba gbogbo máàkì lọ́dọ̀ irú wọn, wọ́n ní ó ti mọ̀wé. Ó lọ yá owó nínú ẹgbẹ́ kan, Yorùbá sì ni wọ́n fi kọ ìwé àdéhùn. Oṣooṣù ni aládùúgbò rẹ̀ ń san tirẹ̀ níbòmíràn, òun náà rí ọ̀rọ̀ gígùn kan tó kún fún "o," ó kà á sí oṣooṣù, ó sì fọwọ́ sí i. "Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀" ló wà níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ti kó igbá ọjà rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sí kíláàsì tí mo ń bójú tó tí wọn kì í bi ní ìbéèrè yìí, lẹ́yìn ìtàn nípa ẹni tó yáwó: "Ìgbà wo ni yóò máa san án? (A) Ojoojúmọ́ (B) Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ (D) Oṣooṣù." A sì ń pààrọ̀ ìdáhùn rẹ̀ nínú ìtàn nígbà gbogbo.