Oòrùn rírọ̀ ni, kì í ṣe "wákàtí wúrà"

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ "wákàtí wúrà" lẹ́nu àwa ayàwòrán, fún ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá ní àwọ̀ wúrà. Ta ló ń ka wákàtí níbẹ̀? Ìgbà tí oòrùn bá ku nǹkan bí dígírì 6 kó kan ilẹ̀ ni àwọ̀ yẹn máa ń dé. Lọ́dọ̀ wa, oòrùn kì í yà síbì kan kó tó wọ̀, tààrà ló ń bọ̀ wálẹ̀, nítorí náà nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ni gbogbo rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kẹfà, ó ń rá pálá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì lè sún mọ́ wákàtí kan. Àwọn ló ni wákàtí wọn.

Oòrùn rírọ̀ ni èmi ń pè é. Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi jiyàn pé "ọjọ́rọ̀" ti wà nílẹ̀, kí ni mo tún ń wá kiri? Ọ̀rọ̀ gidi ni ọjọ́rọ̀, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí aago mẹ́rin ni ọjọ́ ti ń rọ̀, ìmọ́lẹ̀ ìgbà yẹn ṣì funfun. Kò sì sí ọjọ́rọ̀ láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ a máa ń rí àwọ̀ yìí kan náà bí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. "Rọ̀" ni mo mú níbẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ náà kì í gún ni lójú mọ́.

Ẹ wo ẹni tó ń sẹ́ ògì. Bó bá ká aṣọ asẹ́ ní ìlọ́po mẹ́rin, èyí tó ń kọjá á dín kù, èèrí tó ń há sẹ́yìn á pọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ ni aṣọ asẹ́ ìmọ́lẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, ìpele rẹ̀ fẹ́lẹ́. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń dábùú gba inú rẹ̀ kọjá, àwọ̀ búlúù á fọ́n dànù lọ́nà, pupa àti ìyeyè ni yóò kàn wá lójú.

Bí ìkúùkuu bá bo ojú ọ̀run, kò sí èyí: òjìji á pòórá, ojú á rí bákan náà níbi gbogbo. Ẹ má sì pe ìyẹn ní "òjò ṣú", torí òjò lè má rọ̀.

Lóṣù Kejìlá kan n'Ìbàdàn, mo ní kí ìyàwó kan àti ọkọ rẹ̀ wá ní aago márùn-ún ààbọ̀. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n dé, oòrùn á sì wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀. Mo yà wọ́n, aṣọ òkè aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n wọ̀ rí bí eérú. AWB ni kámẹ́rà mi wà, níbi tó ti ń fúnra rẹ̀ tún àwọ̀ ṣe. Ó ti rò pé pupa náà ni àṣìṣe, ó sì ń nù ún kúrò. Mo yí i sí Daylight, ètò ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tí kì í yí àwọ̀ padà fúnra rẹ̀, àwọ̀ padà dé. Àwòrán mẹ́rin ni mo rí yà kí eruku ọyẹ́ tó gbé oòrùn mì, kó tó kan ilẹ̀ rárá.