Ìdajì owó ìdádúró tó kù: bí agbaṣẹ́ṣe ṣe ń béèrè rẹ̀ tó fi ń jáde

Oṣù mẹ́fà á pé lẹ́yìn tí ilé parí, agbaṣẹ́ṣe á jókòó kọ lẹ́tà ìlà mẹ́rin pé sáà àtúnṣe, ìyẹn àkókò tó yẹ kó fi tún àbùkù ilé náà ṣe, ti parí, kí wọ́n jọ̀ọ́ fi owó òun ránṣẹ́. Iléeṣẹ́ ìjọba á gba lẹ́tà náà, wọ́n á lù ú ní òǹtẹ̀, wọ́n á fi í sínú fáìlì, ibẹ̀ ló sì máa sùn sí. Ẹnikẹ́ni ò kọ̀ fún un. Kò kàn sí ìwé kankan lọ́wọ́ àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ìṣirò owó tí wọ́n lè dì mú kí wọ́n sọ pé orí èyí làwọn fi sanwó. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń kọ́lé fún ìjọba ní Àbújá àti agbègbè rẹ̀ ló ń fi ọdún kan, ọdún méjì, lé owó tí wọn ì bá ti gbà láàárín oṣù díẹ̀, nítorí wọ́n rò pé kàlẹ́ńdà ló ń tú owó náà sílẹ̀.

Ibi tí owó náà ti wá ni ká kọ́kọ́ wò. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, nínú satífíkéètì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ń sanwó ni wọ́n ti ń yọ díẹ̀ pa mọ́. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀, ìdá mẹ́wàá sì wà nínú àdéhùn mìíràn. Òun ni wọ́n ń pè ní ritẹ́ńṣọ̀n, ìyẹn owó ìdádúró. Tí ilé bá parí tí wọ́n sì fún agbaṣẹ́ṣe ní satífíkéètì ìparí iṣẹ́, ìdajì rẹ̀ á jáde. Ìdajì kejì á dúró kí ẹni tó ni ilé lè rí nǹkan dì mú bí òrùlé bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò tàbí tí ògiri bá ń ṣí.

Nínú irú ìwé àdéhùn tí wọ́n sábà ń lò fún iṣẹ́ ìjọba, nǹkan méjì ló gbọ́dọ̀ pé kí ìdajì kejì yìí tó jáde. Àkọ́kọ́, kí sáà àtúnṣe parí. Ìkejì, kí ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, yálà ayàwòrán ilé tàbí ẹnjiníà, fọwọ́ sí ìwé pé gbogbo àbùkù tí òun fi tó agbaṣẹ́ṣe létí kí sáà náà tó parí ni wọ́n ti tún ṣe. Ìwé yìí, tí wọ́n ń pè ní satífíkéètì àtúnṣe, ni owó ń tẹ̀ lé. Ẹ sì kíyè sí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, nítorí ó gbe agbaṣẹ́ṣe náà: àbùkù tí wọ́n fi tó o létí kí sáà tó parí nìkan ni. Àbùkù tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí lóṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà kò yẹ kó dá owó yìí dúró. Àmọ́ bí àbùkù tí wọ́n kọ sílẹ̀ bá ṣì wà nílẹ̀ láìtún ṣe, sáà náà fúnra rẹ̀ á máa gùn sí i ni.

Ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní agbaṣẹ́ṣe kan kọ́ kíláàsì mẹ́fà sí Gwagwalada. Owó àdéhùn jẹ́ ₦80,000,000, owó ìdádúró jẹ́ ìdá márùn-ún, sáà àtúnṣe sì jẹ́ oṣù mẹ́fà. Wọ́n fún un ní satífíkéètì ìparí iṣẹ́ ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́fà á pé ní ogúnjọ́ oṣù kẹrin.

Ẹni tó bá mọ ojú ọjọ́ Àbújá á ti rí ohun tó wà níbẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹwàá ni òjò ń lọ, ọyẹ́ á sì gba ìgboro títí di oṣù kejì. Ní oṣù kẹrin, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà bọ̀ ni. Ó túmọ̀ sí pé gbogbo sáà tó yẹ kí wọ́n fi wo òrùlé náà ni òjò gidi kò fi kàn án. Ẹnjiníà tí wọ́n bá ní kó fọwọ́ sí i mọ èyí dáadáa. Ara rẹ̀ kò ní balẹ̀, á sì máa sọ pé kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Kò sí ibì kankan nínú àdéhùn tó ní kó dúró de òjò, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í fọwọ́ sí nǹkan.

Ohun tí agbaṣẹ́ṣe tó gbọ́n máa ń ṣe ni pé kò ní jẹ́ kó dà bẹ́ẹ̀. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí sáà tó parí, á kọ lẹ́tà pé kí wọ́n jọ wá yẹ ilé náà wò, á sì kọ ọjọ́ kan pàtó sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, á gbé ẹ̀rọ omi àti rọ́bà gígùn wá, á gbé ẹnì kan gun òrùlé, wọ́n á sì tú omi sí ibi tí páànù ti pàdé ara wọn àti ojú gọ́tà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn tó kù á dúró nínú kíláàsì, ojú wọn á wà lára sílíìnì. Bí kò bá sí àmì omi, wọ́n á kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà pé wọ́n dán òrùlé wò, kò jò, gbogbo wọn á sì fọwọ́ sí i. Ìlà kan yìí ló ń tú ọwọ́ ẹnjiníà.

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa wo ògiri àti ilẹ̀. Ọyẹ́ máa ń fa ilà tín-ín-rín bí irun sójú rẹ́ńdà. Ojú lásán ló wà, ọ̀dà àti pọ́tì á bò ó. Èyí tó yẹ kó ká èèyàn lára ni ilà tó bẹ̀rẹ̀ ní igun fèrèsé tó sì ń gun òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí rẹ́ńdà tó ti yọ lára bíríkì. Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n rọrùn. Ẹ fi eegun ìka kan ògiri náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tó bá dì mú á dún kiki, ibi tó ti yọ á dún bí igbá òfìfo. Táìsì náà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí ibi tó bá dún bí igbá ká, kí bíríkìlà lè mọ ibi tó máa bó kó tó tún un rẹ́.

Ìwé tí wọ́n bá kọ àbùkù sí ni ìjà máa ń wà lórí rẹ̀, nítorí ẹni tó ń lo ilé á fẹ́ kó gbogbo ohun tó bà jẹ́ síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí àwọn ọmọ iléèwé fipá ṣí, gíláàsì tí bọ́ọ̀lù fọ́, àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n gun orí rẹ̀, ìlò ló ba àwọn yìí jẹ́, kì í ṣe àbùkù iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu lásán kò lè fi ìyàtọ̀ yẹn hàn. Fọ́tò tó ní ọjọ́, tí wọ́n yà ní yàrá kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí wọ́n gba ilé, ló ń ṣe é. Bí kò bá sí fọ́tò, tí iye rẹ̀ ò sì pọ̀, ó sàn kó ra kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta kó sì lọ ju kó fi oṣù méjì jiyàn lọ. Tó bá ti tún àbùkù kan ṣe, kí ẹni tó bójú tó iṣẹ́ fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá ṣẹ́ ku ẹyọ kan tí kò ní ìfọwọ́sí, ẹyọ yẹn lè dá gbogbo owó náà dúró.

Nígbà tí satífíkéètì àtúnṣe bá jáde ni lẹ́tà ìbéèrè owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹsẹ̀ tó lè fi rìn. Olórí iléeṣẹ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, kí wọ́n sì darí rẹ̀ sí ọ̀gá ẹ̀ka iṣẹ́, pẹ̀lú ẹ̀dà fún ayàwòrán ilé àti ẹni tó ń ṣírò owó iṣẹ́. Kó ní orúkọ iṣẹ́ bó ṣe wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún un, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, àti nọ́ńbà àdéhùn. Àwọn ìwé tó ń bá a lọ ni lẹ́tà iṣẹ́ náà, satífíkéètì ìparí iṣẹ́, ìwé àbùkù tí wọ́n ti fọwọ́ sí, satífíkéètì àtúnṣe, satífíkéètì ìsanwó tó gbẹ̀yìn, ínfọ́ìsì, àti ìwé ẹ̀rí owó orí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀ ìgbàwọlé ni kí agbaṣẹ́ṣe mú lọ sílé, torí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ á wúlò láìpẹ́.

Iye owó ni ibi mìíràn tí lẹ́tà ti ń kú. Ọ̀pọ̀ á mú ₦80,000,000, wọ́n á ṣírò ìdá márùn-ún rẹ̀, ₦4,000,000, wọ́n á pín in sí méjì, wọ́n á sì béèrè ₦2,000,000. Ká ní wọ́n yọ gọ́tà ìta kúrò nínú iṣẹ́ wa yìí, tí ìṣirò ìkẹyìn sì já sí ₦76,400,000. Orí iye yẹn ni wọ́n ti ń yọ owó ìdádúró. Ìdá márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦3,820,000. Tí wọ́n bá ti san ìdajì, ₦1,910,000 ló kù. Àṣìṣe ₦90,000 yìí tó láti mú kí ọ̀gá àyẹ̀wò owó dá fáìlì padà, agbaṣẹ́ṣe á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó wo fáọ́ṣà àtijọ́ bákan náà bóyá wọ́n ti yọ owó orí lórí gbogbo iye iṣẹ́ kí wọ́n tó yọ owó ìdádúró. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí wọ́n tún yọ ọ́ nígbà tí owó yìí bá ń jáde, àfi kó tọ́ka sí fáọ́ṣà náà nínú lẹ́tà kó tó di pé ẹnì kan yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìdíwọ́ tó kù kò sí lọ́wọ́ ẹnjiníà. Owó tí iléeṣẹ́ kò bá ná kí ìnáwó ọdún náà tó parí sábà máa ń padà sí àpò ìjọba. Tí iṣẹ́ wa bá parí lọ́dún kan, tí sáà àtúnṣe sì bọ́ sí ọdún kejì, ó lè jẹ́ pé kò sí kọ́bọ̀ fún un mọ́ nínú ìnáwó ọdún tuntun. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí agbaṣẹ́ṣe kọ lẹ́tà kúkúrú kan ní kété tó bá gba ìdajì àkọ́kọ́, kó fi tó ẹ̀ka ètò ìnáwó létí pé ₦1,910,000 á di sísan ní oṣù kẹrin, kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ gbèsè tí wọ́n máa gbé wọnú ìnáwó tó ń bọ̀.

Òfin ọdún 2007 lórí bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń rajà tó sì ń gbé iṣẹ́ síta sọ pé owó tó bá kọjá ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ínfọ́ìsì tàbí satífíkéètì ti di owó tó pẹ́, èlé tó wà nínú àdéhùn sì máa ń gorí rẹ̀. Ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ ìgbàwọlé ti wúlò: láti ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ọgọ́ta náà. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta, lẹ́tà ìránnilétí tó dárúkọ òfin náà, tó sì kọ iye èlé tó ti hù sílẹ̀, ni kó tẹ̀ lé e, ó sì dáa kó jẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni agbaṣẹ́ṣe fi gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí fáìlì náà wà.