Bí indomí 39 ṣe ń sọnù nínú ìwé

Tí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ sì ti ń kọ ohun tí ẹ tà àti ohun tí ẹ rà lójoojúmọ́, iṣẹ́ tó kù ní ìparí oṣù láti mọ̀ bóyá ọjà tó wà nílẹ̀ bá ìwé mu kò pọ̀. Ẹ fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: iye tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù, iye tó wọlé, iye tí ẹ tà, iye tó jáde láìjẹ́ pé ẹ tà á, iye tó yẹ kó kù, àti iye tí ẹ fọwọ́ kà. Ẹyọ ni kí ẹ fi kọ gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá fi náírà kọ ọ́, bí owó ọjà bá gòkè láàárín oṣù, ìṣirò á dàrú. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni kí ẹ fi páálí kọ ìwọlé, kí ẹ wá fi ẹyọ kọ títà.

Ẹ jẹ́ ká mú indomí kékeré tí 40 wà nínú páálí kan. Lọ́jọ́ kìíní, páálí 2 àti ẹyọ 15 wà nílẹ̀, ìyẹn 95. Páálí 5 wọlé, ìyẹn 200, gbogbo rẹ̀ wá di 295. Nígbà tí ẹ ro títà ojoojúmọ́ pọ̀, ó jẹ́ 228. Eku jẹ 3, ẹ sì mú 6 lọ sílé. Ó yẹ kó ku 58, àmọ́ 19 péré lẹ kà. 39 ti dín.

Ẹ má tíì fura sí ẹni tó ń bá yín tajà. 39 ni páálí kan tí a yọ ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀: oníbàárà ra odidi páálí, ẹni tó tà á sì kọ “1” sílẹ̀. Ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n kọ 1 nínú ìwé títà, àmọ́ tí owó páálí wà níwájú rẹ̀. Tí ẹ bá tún un kọ sí 40, títà á di 267, 19 náà á sì bára mu.

Tó bá jẹ́ ìwé ìrajà ni àṣìṣe yẹn ti ṣẹlẹ̀, ṣe ni 39 máa lé. Tó bá jẹ́ 40 gan-an ló lé, ẹ wo ọjà tó dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, tí wọ́n wá kọ rìsíìtì rẹ̀ mọ́ oṣù tuntun. Tí indomí elédìẹ bá dín 7, tí alálùbọ́sà sì lé 7, ẹni tó kọ ọ́ ló pa orúkọ wọn pọ̀. Èyí tó yẹ kó kọ yín lóminú ni kí ọjà kan náà máa dín díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù láìbá ọ̀kankan nínú wọ̀nyí mu. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè àwìn tí wọn ò kọ, kí ẹ tó bèèrè olè.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn ni kí ẹ ka ọjà, kì í ṣe nígbà tí èèyàn ṣì ń rà. Ẹ gbé páálí kọ̀ọ̀kan wò, torí èyí tí wọ́n ti mú ẹyọ nínú rẹ̀ lè dà bí èyí tó ṣì kún. Iye tí ẹ kà yìí, kì í ṣe iye tó yẹ kó kù, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀. Ẹ kọ èyí tó dín tàbí tó lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó ṣí ojú ìwé tuntun, kí àṣìṣe oṣù yìí má bàa wọnú tòmíràn.