Bí a ṣe ń mọ idà àtijọ́ yàtọ̀ sí idà ẹ̀ṣọ́ ara ògiri: èèkù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Bí ẹnì kan bá gbé idà síwájú yín ní Ẹ̀pẹ́, tó ní jagunjagun tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò ní Èkó ló fi jagun, ìtàn yẹn fẹsẹ̀ múlẹ̀. Òṣù Kejìlá ọdún 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dojú ìbọn kọ Èkó, tí Kòsọ́kọ́ sì wá fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùjókòó. Àmọ́ ìtàn tó jóòótọ́ kò sọ pé idà náà jóòótọ́. Ara irin ni ẹ ó ti wádìí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èèkù. Alágbẹ̀dẹ tó ń rọ idà ogun kì í gé irin rẹ̀ mọ sí ibi tí èèkù ti bẹ̀rẹ̀. Lára irin kan náà ló ti ń fa ìrù kan jáde, ìrù tó nípọn, tó wọ inú èèkù lọ. Ìdí ni pé ibi tí irin àti èèkù ti pàdé ni agbára ń kó sí nígbà tí idà bá ba nǹkan. Idà ẹ̀ṣọ́ kò ní ìdààmú yẹn, nítorí ara ògiri ló máa wà. Nítorí náà, àwọn tó ń ṣe é sábà máa ń fi iná jó ọ̀pá irin tín-ínrín, tí kò ju pẹ́ńsù lọ, mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á sì fi nọ́ọ̀tì dè é ní ìdí èèkù. Bí ẹ bá fi í sá igi gidi, ojú ibi tí wọ́n jó yẹn ló máa ṣẹ́.

Ẹ yí ìdí èèkù sókè, kí ẹ wò ó. Nínú ọ̀pọ̀ idà òyìnbó àtijọ́, ìrù náà yọ jáde níbẹ̀, wọ́n sì ti fi òòlù lù ú pẹrẹsẹ bí orí ìṣó. Bí ẹ bá rí nọ́ọ̀tì onígun mẹ́fà tó ń dán, ìfura ti wọlé. Mi ò ní pe ìyẹn ní ìdájọ́, nítorí àwọn idà òyìnbó kan láyé àtijọ́ náà lo nọ́ọ̀tì, èèkù sì lè bàjẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé idà sókè sí ojú, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti èèkù dé ṣóńṣó. Idà tí wọ́n rọ fún ogun sábà máa ń tín díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ: ó lè nípọn tó mílímítà 6 nídìí, kó má ju 3 lọ lẹ́bàá ṣóńṣó, kí orí rẹ̀ má baà wúwo ju ọwọ́ lọ. Idà Yorùbá tó fẹ̀ sí i níwájú gan-an lè máa tín báyìí, nítorí ọ̀tọ̀ ni fífẹ̀, ọ̀tọ̀ ni nínípọn. Idà tí wọ́n gé lára irin pẹlẹbẹ nípọn bákan náà látòkè délẹ̀.

Irin tí kì í dípẹtà ló máa ń parí ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọdún 1913 ni Harry Brearley pò irú irin yìí ní Sheffield. Bí idà tí wọ́n ní ó ti wà láti 1851 bá ń dán bíi ṣíbí, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà kò sì fi àmì kankan sí i, ó ṣòro kó jẹ́ ti ìgbà yẹn. Ẹ má fi òòfà dán èyí wò o! Ọ̀pọ̀ irin tí kì í dípẹtà tí wọ́n fi ń ṣe idà ẹ̀ṣọ́ ni òòfà ń gbé.

Àwọn oníjìbìtì tó mọ èyí ló ń fi irin lásán ṣe idà, wọ́n á sì da ásíìdì tàbí omi iyọ̀ sí i kó lè dípẹtà. Níbí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ìpẹtà tuntun pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń bu lulẹ̀ bí ìyẹ̀fun, ó sì sábà máa ń bo gbogbo ara idà déédéé. Ti àtijọ́ dúdú tàbí kó rí bí àwọ̀ obì gbígbẹ, ó lẹ̀ mọ́ irin pinpin, kò sì dọ́gba: ibì kan jinlẹ̀, ibì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní. Ẹ wo ibi tí ọwọ́ ti ń di èèkù mú. Lílò máa ń mú kí ibi tó ga níbẹ̀ jẹ dán, kí ìdọ̀tí sì le sínú kòtò rẹ̀. Ẹ wo ẹnu idà náà: èyí tí wọ́n ti pọ́n léraléra kì í gún régé mọ́, ó máa ń tín sí i níbi tí òkúta ìpọ́nrin ti ń jẹ ẹ́ jù. Bí ibi gbogbo bá gbó dọ́gba, títí kan abẹ́ awọ tí ọwọ́ kò lè dé, ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ mú kó gbó.

Ẹ má fi yanrìn tàbí sáńpépà fọ idà kó tó di pé ẹ wò ó tán, nítorí ìpẹtà dúdú yẹn wà lára ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ yín. Aṣọ gbígbẹ tó mọ́ àti epo ẹ̀rọ díẹ̀ ti tó. Bí idà bá yege ní ti nínípọn, ìpẹtà àti ẹnu, tó jẹ́ pé èèkù nìkan ni kò yege, irin àtijọ́ tó wọ èèkù tuntun ló sábà máa ń jẹ́. Irú rẹ̀ ṣì níye lórí, ṣùgbọ́n owó irin nìkan ni kí ẹ san.