Asẹ́ èéfín díísù: dúdú ń jóná, eérú kì í jóná

"Ṣebí asẹ́ èéfín máa ń jó ara rẹ̀ mọ́ ni? Tó bá wá dí, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ gé e dànù." Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń wa ọkọ̀ díísù. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́, òun ló sì mú kó ṣòro láti pa.

Asẹ́ yìí, tí kọ̀mpútà ọkọ̀ ń kọ ní DPF, dà bí afárá oyin tí wọ́n fi amọ̀ líle ṣe. Ihò tó bá là níwájú, wọ́n dí i lẹ́yìn. Èyí tó là lẹ́yìn, wọ́n dí i níwájú. Èéfín ò rọ́nà gbà àfi kó jò gba ara ògiri àárín wọn, dúdú rẹ̀, irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, á sì kù síbẹ̀. Bó bá pọ̀ tó, kọ̀mpútà á tún wọ́n díísù díẹ̀ sínú sìlíńdà lẹ́yìn tí èyí àkọ́kọ́ ti jó, kí ooru asẹ́ lè dé nǹkan bíi 600°C. Dúdú náà á jóná láàárín bíi ìṣẹ́jú 10 sí 20.

Ibi tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ rèé. Igi tó jóná ń fi eérú sílẹ̀. Ta ló rí eérú tó tún jóná? Kálísíọ́mù àti síńkì wà nínú ọ́ìlì ẹńjìnnì, díẹ̀díẹ̀ ni ọ́ìlì náà ń jó, eérú rẹ̀ ló sì ń kó sínú asẹ́. Kò sí eré tí ẹ lè sá ní márosẹ̀ tí yóò jó o. Wọ́n ní láti tú asẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó sábà máa ń ju kìlómítà 100,000 lọ kí eérú tó kún un. Ọkọ̀ tó rin 40,000 tí asẹ́ rẹ̀ dí, dúdú ni, ẹ wá ohun tí kò jẹ́ kó jóná.

Ẹ wo ọkọ̀ akẹ́rù tó ń pín ẹrù kiri Lọ́ńdọ̀nù. Dúdú inú asẹ́ ń jó lọ́wọ́, awakọ̀ á pa ẹńjìnnì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó, awakọ̀ tún pa ẹńjìnnì. Díísù tí kò jó á ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì wọnú ọ́ìlì. Ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì: bó bá ju àmì òkè lọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì bu kún un, ẹ̀rí nìyẹn. Ẹ tún ṣí kọ́kọ́rọ́ láì ta ẹńjìnnì, kí ẹ ka sẹ́ńsọ̀ tó ń fi agbára èéfín iwájú asẹ́ wé ti ẹ̀yìn rẹ̀. Òdo ló yẹ kó kọ. Tí kò bá kọ òdo, ó ṣeé ṣe kí sẹ́ńsọ̀ náà máa purọ́ mọ́ asẹ́.

Wọ́n ní ọkọ̀ tí wọ́n gé tirẹ̀ ń sáré sí i. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, torí asẹ́ tó dí ń fún ẹńjìnnì lọ́rùn. Èyí tí wọ́n fọ̀ náà á sì sáré. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá tún kọ̀mpútà kọ, ó lè máa wọ́n díísù lọ fún asẹ́ tí kò sí mọ́, ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ló sì ń fa dúdú náà símú. Ní Bìrìtéènì, láti oṣù Kejì 2014, ọkọ̀ tí wọ́n yọ asẹ́ rẹ̀ kò lè yege àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT, owó ìtanràn sì lè dé £1,000 fún ọkọ̀ kékeré, £2,500 fún akẹ́rù.

Ẹ̀yin tó ń ra tòkunbọ̀, ẹ fi aṣọ funfun nu inú ẹnu sailẹ́ńsà. Asẹ́ tó pé kì í jẹ́ kó dúdú. Bó bá dúdú, kì í ṣe dandan kí wọ́n ti gé e, ó lè jẹ́ pé ó ti sán nínú. Àmọ́ ẹ wo ara àpótí rẹ̀ bóyá àpá ìjórin wà níbẹ̀, kí ẹ tó sanwó.