Bí a ṣe ń yọ iye padà láti inú àwòrán ṣáàtì òpó

Bí ẹnì kan bá ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà níbi tí ṣáàtì òpó wà, àwọ̀ lásán ló kù nínú àwòrán náà. Àwọn iye tí wọ́n fi ṣe ṣáàtì kò bá a wá. Síbẹ̀ wọn kò tíì sọnù, torí pé ìwọ̀n kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ fi fa gbogbo òpó náà. Ẹni tó bá rí ìwọ̀n yẹn mú ti rí iye náà.

Píkísẹ́lì ni a fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn àwọn ẹyọ àwọ̀ tín-ín-tìn-ín tó para pọ̀ di àwòrán. Bí a bá ṣí àwòrán náà nínú Paint, tí a gbé máòsì lé ibì kan, nọ́ńbà méjì á hàn nísàlẹ̀. Èyí èkejì ló wúlò fún wa: ó ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí etí òkè àwòrán tó. Òkè ni wọ́n ti ń kà á wá sísàlẹ̀, nítorí náà òpó tó bá ga jù ni nọ́ńbà orí rẹ̀ máa kéré jù.

Ká mú ṣáàtì kan tó ń fi iye ìwé tí wọ́n yá ní ilé ìkàwé kan láàárín oṣù mẹ́rin hàn. Lójú, òpó oṣù kìíní ju ìlọ́po méjì ti oṣù kejì lọ. Ṣùgbọ́n wo ẹsẹ̀ ṣáàtì náà dáadáa: 40 ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe 0. Wọ́n ti gé ìsàlẹ̀ gbogbo òpó kúrò, ojú kò sì lè mọ̀ bí kò bá ka nọ́ńbà.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń mú àmì méjì lórí ìlà ìwọ̀n, dípò ká máa wọn gíga òpó. Àmì 40 wà ní 520, àmì 80 wà ní 120. Píkísẹ́lì 400 ló wà láàárín wọn fún ìwé 40, nítorí náà píkísẹ́lì 10 ni ìwé kan. Kí a tó lọ síwájú, àmì 60 gbọ́dọ̀ wà ní 320 gẹ́lẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé fóònù ni wọ́n fi ya àwòrán náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, tàbí pé ìwọ̀n náà ń fò ní ìlọ́po, bíi 1, 10, 100. Ìṣirò yìí kò bá irú ìyẹn mu.

Orí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní 310, 420, 260 àti 380. A kọ wọ́n sínú òpó B ní àtẹ ìṣirò, a sì fi fọ́múlà yìí sí ẹ̀gbẹ́ wọn:

```
=40+(520-B2)*(80-40)/(520-120)
```

| Oṣù | Orí òpó | Iye ìwé |
|---|---|---|
| Kìíní | 310 | 61 |
| Kejì | 420 | 50 |
| Kẹta | 260 | 66 |
| Kẹrin | 380 | 54 |

61 àti 50 rèé, èyí tí ojú ń pè ní ìlọ́po méjì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí èèyàn gbé máòsì lé àárín nọ́ńbà tí wọ́n kọ, dípò ìlà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ká ní ó fi píkísẹ́lì 4 lọ sísàlẹ̀, tó wá ka 524 àti 124. Ohun tó máa rí ni 61.4, 50.4, 66.4 àti 54.4. Ìwé kì í ní ìdá, pé gbogbo wọn sì parí sí .4 ti tú àṣírí náà: àwọn òpó kò ní ẹ̀sùn kankan, àmì ìwọ̀n ni wọ́n gbé síbi tí kò yẹ. Ká ní ọwọ́ ló gbọ̀n nídìí òpó kan, iye kan ṣoṣo ni ì bá yà sọ́tọ̀.

Etí òpó náà tún máa ń ṣú bàìbàì bí wọ́n bá ti fún àwòrán pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ẹ sún un mọ́tòsí, kí ẹ mú ibi tí àwọ̀ ti dé ìdajì, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo òpó àti fún àwọn àmì náà. Níhìn-ín, àṣìṣe píkísẹ́lì 2 kò ju ìdá márùn-ún ìwé kan lọ, kò lè yí iye kankan padà.

Kì í fìgbà gbogbo rọrùn báyìí. Bí píkísẹ́lì 400 kan náà bá gbé 0 dé 8,000, píkísẹ́lì kan ti di 20, àṣìṣe 2 sì ti di 40. Ẹni tó bá wá kọ 3,457 sínú tábìlì irú ṣáàtì bẹ́ẹ̀ ń parọ́ ìdánilójú. "Bíi 3,460" ló yẹ kó kọ, kó sì fi òpó kan kún tábìlì náà tó sọ pé ó lè fi 40 lé tàbí kó fi 40 dín.