Àgádágodo orí líǹkì yẹn kò dé orí láptọ́ọ̀pù yín

Bí ẹ bá dé àyíká FUTA ní Àkúrẹ́, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ẹni tó ń fi áàpù tó wà lórí láptọ́ọ̀pù ara rẹ̀ han ẹni tó wà nílùú mìíràn. Kò háyà sáfà, kò ra orúkọ ìkànnì. Ó kàn tẹ àṣẹ kan, líǹkì jáde, ó fi í ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Ẹ bi í bóyá ẹlòmíràn lè rí ohun tó ń kọjá níbẹ̀, á ní: "Àgádágodo wà lórí ẹ̀ kẹ̀." Ohun tó gbà gbọ́ ni pé bí líǹkì bá ti ní https níwájú, kò sí ojú kankan láàrin fóònù oníbàárà àti láptọ́ọ̀pù òun. Ojú kan wà láàrin o, òun gan-an ló sì ń ṣí àgádágodo náà.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà lé ẹnì kan lórí. Ọmọkùnrin kan ń ṣe áàpù fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníṣòwò kan ní Ọjà Ọba. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, nọ́ḿbà fóònù, nọ́ḿbà àkáǹtì, iye tí kálukú ti dá àti iye tó yá. Akápò ẹgbẹ́ wà nílùú Oǹdó, ó sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ náà kí wọ́n tó san owó tó kù. Ó pe ọmọ náà lórí fóònù.

"Ṣé ará ìta ò ní rí gbèsè àwọn èèyàn wa níbẹ̀ ṣá?"

"Rárá o, Mà. Ẹ tẹ àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ líǹkì yẹn, ẹ ó rí i pé wọ́n ti tì í pa."

Òótọ́ lọmọ náà sọ nípa ohun tó wà lójú fóònù. Ibi tí títì náà parí sí ni kò mọ̀. (Láti ọdún 2023 ni Kúróòmù ti fi àmì mìíràn rọ́pò àgádágodo, nítorí pé àwọn èèyàn ń ka ìtumọ̀ tí kò ní mọ́ ọn.)

Láptọ́ọ̀pù ọmọ yìí ń gba dátà lára fóònù rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kì í sábà fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pín ẹyọ kan lò, àdírẹ́sì abẹ́lé ni kálukú sì ń rí lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Nítorí náà ẹni tó wà ní Oǹdó kò lè kan ilẹ̀kùn láptọ́ọ̀pù yẹn láti ìta. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù lè jáde síta fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n ọ̀nà abẹ́lẹ̀ wà. Láptọ́ọ̀pù á lọ so okùn mọ́ sáfà alárinà kan tó ní àdírẹ́sì gbangba, kò ní já okùn náà, alárinà á sì fún un ní orúkọ kan. Ọ̀dọ̀ alárinà ni ẹnikẹ́ni tó bá tẹ orúkọ yẹn ń lọ. Alárinà ló ń ti ìbéèrè rẹ̀ gba inú okùn wálé.

Ẹ̀rí ohun tí mò ń sọ ti wà níwájú ọmọ náà látìbẹ̀rẹ̀. Orí `http://localhost:8000` ni áàpù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ sí, kò sí `s` níbẹ̀. Kò sí sátífíkéètì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí https ń bèèrè, lórí láptọ́ọ̀pù náà, kò gba ọ̀kan rí. Níbo wá ni àgádágodo tí màmá rí ní Oǹdó ti wá? Ọ̀dọ̀ alárinà ni. Alárinà ló ni sátífíkéètì, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ wà. Ohun tí màmá bá tẹ̀ wà ní dídì láti Oǹdó dé ọ̀dọ̀ alárinà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú u, kí wọ́n tó tún un dì lọ́tọ̀ fún ìrìn àjò kejì, láti ọ̀dọ̀ wọn wá sí Àkúrẹ́. Láàrin ìdì àkọ́kọ́ àti ìkejì, gbangba ni páásíwọọ̀dù, orúkọ àti gbèsè wà nínú mẹ́mórì sáfà alárinà.

Ẹni tó bá rò pé àbá lásán ni, kó dán an wò. Ẹ fi èyí pamọ́ sínú fáìlì kan tí ẹ pè ní `wo.py`. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó tẹ ohun tó bá ìbéèrè kọ̀ọ̀kan wọlé jáde sójú ìbòjú:

```python
from http.server import BaseHTTPRequestHandler, HTTPServer

class Wo(BaseHTTPRequestHandler):
    def do_GET(self):
        print(self.headers)
        self.send_response(200)
        self.end_headers()
        self.wfile.write(b"O ti wole")

HTTPServer(("127.0.0.1", 8000), Wo).serve_forever()
```

Ẹ fi `python3 wo.py` gbé e dìde, kí ẹ sì ṣí fèrèsé àṣẹ mìíràn fún ọ̀nà abẹ́lẹ̀. Ti Cloudflare, ilé iṣẹ́ alárinà kan, ni mo lò níhìn-ín, nítorí kò bèèrè pé kéèyàn kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti fi ètò `cloudflared` wọn sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ tẹ èyí:

```
cloudflared tunnel --url http://localhost:8000
```

Á fún yín ní líǹkì kan tó parí sí `trycloudflare.com`. Ẹ ṣí i lórí fóònù tó ń lo dátà tirẹ̀, kì í ṣe Wáìfáì kan náà pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù. Ẹ wá padà wo ojú láptọ́ọ̀pù. Láàrin ìlà tó jáde, ẹ ó rí irú ìwọ̀nyí (àdírẹ́sì àpẹẹrẹ ni mo fi síbẹ̀):

```
Cf-Connecting-Ip: 203.0.113.25
Cf-Ipcountry: NG
X-Forwarded-For: 203.0.113.25
X-Forwarded-Proto: https
```

Fóònù yín kọ́ ló kọ àwọn ìlà wọ̀nyẹn. Fóònù kì í fi orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ránṣẹ́ báyẹn. Alárinà ló kọ wọ́n sí àárín ọ̀rọ̀ yín, lẹ́yìn tó ti tú u. Bí ẹnì kan bá bá yín mú lẹ́tà dé, tí ẹ sì rí i pé ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà mẹ́rin sínú rẹ̀, ẹ kò ní máa jiyàn mọ́ bóyá àpòòwé náà wà ní lílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe lè kọ ìlà sí i, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lè ka fọ́ọ̀mù tí màmá kún.

Mi ò sọ pé Cloudflare ń jókòó ka gbèsè àwọn aláta ní Ọjà Ọba. Kò sí ìdí tí mo fi máa rò bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìkànnì ńlá ló sì ń gba ọwọ́ irú alárinà bẹ́ẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé agbára láti kà á wà lọ́wọ́ wọn, nǹkan sì lè jò láì sí ẹni tó ní èrò ibi. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, Tavis Ormandy, tó ń wá àléébù ààbò fún Google, rí i pé sáfà Cloudflare ń da ègé mẹ́mórì rẹ̀ mọ́ ojú ewé tó ń fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ àwọn ìkànnì kan ń yọ lójú ewé àwọn ìkànnì mìíràn, àwọn ẹ̀rọ ìwákiri sì ti kó díẹ̀ pamọ́ nínú rẹ̀. https kò dá a dúró. Àṣìṣe kóòdù lásán ló fà á, wọ́n sì tún un ṣe kíákíá, ṣùgbọ́n ohun tí wọn ò bá tú kò lè jò báyẹn.

Àwọn kan máa ń sọ pé páásíwọọ̀dù táwọn fi sẹ́nu ọ̀nà ti tó. Ó tó láti lé àlejò tó ṣìnà dànù, ẹ máa fi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ alárinà ni páásíwọọ̀dù náà ń gbà kọjá, ní títú, bíi ti gbogbo nǹkan yòókù.

Ǹjẹ́ ọ̀nà kan wà tí alárinà kò fi ní lè tú u? Ó wà. Ohun tó yẹ kéèyàn bèèrè ni ibi tí kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ wà. Funnel ti Tailscale, bí àpẹẹrẹ, máa ń gba sátífíkéètì sórí láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kì í kúrò níbẹ̀, sáfà àárín kàn ń ti ìdì náà kọjá bó ṣe wà ni:

```
tailscale funnel 8000
```

Ẹ má fi `wo.py` dá èyí lẹ́jọ́ o. Ẹ ṣì máa rí `X-Forwarded-For`, ṣùgbọ́n ètò Tailscale tó ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù yín ló kọ ọ́, lẹ́yìn tí ìdì ti délé.

Funnel náà ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Alárinà ṣì ń rí orúkọ tí màmá ń wá, àdírẹ́sì tó ti wá, aago tó wọlé àti bí ohun tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó. Orúkọ tó parí sí `ts.net` náà, tiwọn ni. Wọ́n lè gba sátífíkéètì mìíràn fún un bí wọ́n bá fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa hàn sí gbogbo ayé. Ìdí tó fi máa hàn ni pé gbogbo sátífíkéètì tí bráúsà ń gbà lónìí gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ gbangba kan, Kúróòmù sì ti sọ ìyẹn di dandan láti ọdún 2018.

Ìwé yẹn kan náà ló ń tú àṣírí orúkọ láptọ́ọ̀pù yín, torí orúkọ náà wà nínú líǹkì Funnel. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ka orúkọ tuntun níbẹ̀, kí wọ́n sì máa lọ kan ilẹ̀kùn. Kí ó tó pẹ́, wọ́n ti ń bèèrè `/.env` àti `/.git/config`, bóyá ẹ gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Orúkọ oníwọ̀nba àkókò ti `trycloudflare.com` kì í hàn níbẹ̀, torí sátífíkéètì kan ló bo gbogbo wọn. Ẹ rí i pé èyí tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ ló ń pariwo orúkọ, èyí tó ń pa orúkọ mọ́ ló ń tú ọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá máa lo Funnel, ẹ má fi orúkọ ẹgbẹ́ tàbí ti ara yín pe láptọ́ọ̀pù.

Fún ọmọ Àkúrẹ́ yìí, mi ò rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílò kí ó yan alárinà rárá. Bí áàpù ṣe ń ṣiṣẹ́ ni màmá fẹ́ rí. Gbèsè àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó da ibi ìkódátàsí rẹ̀ kọ lọ́tọ̀, kó fi "Ọmọ ẹgbẹ́ 1", "Ọmọ ẹgbẹ́ 2" rọ́pò orúkọ, kó fi òdo mẹ́wàá rọ́pò nọ́ḿbà àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, kó sì yí iye owó padà. Ọ̀nà èyíkéyìí tó bá wá gbé e gbà, kò sí ohun tó lè jò tó máa ti ẹnikẹ́ni lójú lọ́jà. Ọjọ́ tí ojúlówó orúkọ bá máa wọlé, kí ẹgbẹ́ háyà sáfà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, torí Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ẹgbẹ́ tó ń gba orúkọ àwọn èèyàn sí ẹni tó máa dáhùn fún un.

Bí màmá bá sì ti wò ó tán, kó pa ọ̀nà náà. Ti `cloudflared`, Ctrl+C ti tó. Orúkọ yẹn kú nìyẹn, ìgbà mìíràn tó bá gbé e dìde, orúkọ tuntun ló máa rí. Funnel tí wọ́n fi `--bg` gbé dìde kò rí bẹ́ẹ̀: bí ẹ pa láptọ́ọ̀pù tí ẹ tún un tàn lọ́la, ó ti ṣílẹ̀kùn padà láì bi yín. Ẹ fi `tailscale funnel status` wò bóyá ó ṣì wà ní ṣíṣí, kí ẹ sì fi `tailscale funnel reset` tì í.